Ọkọ̀ Ilé-Iṣẹ́ Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́ Lójú Agbowó-Orí

Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ a máa yọ̀ títí di òpin oṣù, tí yóò rí i pé owó tó wọ báńkì dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò gé owó oṣù rẹ̀. Owó orí ló lọ sókè. Lójú òfin Nàìjíríà, ọkọ̀ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ òṣìṣẹ́ kó máa gbé e ròde, ara owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí wọ́n gbà fún un.

Kò yani lẹ́nu. Bó bá jẹ́ pé owó nìkan ni ìjọba ń ka owó orí lé, àpò ìrẹsì ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ìbá máa fi san owó oṣù.

Èló wá ni kí a ka ọkọ̀ sí? Òfin owó orí tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, kò yí ìdáhùn àtijọ́ padà: ìdá 5 nínú 100 iye tí ilé-iṣẹ́ fi ra ọkọ̀ náà, lọ́dọọdún.

Ká mú Fọlákẹ́, tó ń darí ọjà títà fún ilé-iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn, ká sì gbé owó ìfẹ̀yìntì tì ná kí ìṣirò má baà lọ́jú pọ̀. Mílíọ̀nù 6 náírà ló ń gbà lọ́dún. Òfin kò gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 àkọ́kọ́. Lórí mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú 100 ni, èyí tó jẹ́ 330,000. Mílíọ̀nù 3 tó kù bọ́ sí ìdá 18, ìyẹn 540,000. Àpapọ̀ owó orí rẹ̀ jẹ́ 870,000 náírà.

Wọ́n wá fún un ní ọkọ̀ tí wọ́n rà ní mílíọ̀nù 20. Ìdá 5 rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 1, nítorí náà mílíọ̀nù 7 ni wọn yóò kà sí owó rẹ̀ lọ́dún. Mílíọ̀nù 1 tó gorí rẹ̀ yìí bọ́ sí ìdá 18, owó orí sì fi 180,000 lé sí i. Lóṣooṣù, 15,000 náírà ni. Kì í ṣe owó gọbọi fún ọkọ̀ mílíọ̀nù 20, bí ẹ bá bi mí.

Ibi tó ti máa ń dùn wọ́n ni ọkọ̀ àyágbé. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá ra ọkọ̀, tó jẹ́ pé ó ń san 300,000 lóṣù fún ẹni tó ni ín, gbogbo owó tó ń san náà ni wọn yóò kà sọ́rùn Fọlákẹ́, kì í ṣe ìdá 5 rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 3.6 lọ́dún, owó orí rẹ̀ á sì fi 648,000 lé sí i. Ọkọ̀ kan náà ni, àga kan náà ló jókòó lé.

Lórí ìwé owó oṣù tí wọ́n ṣe dáadáa, iye ọkọ̀ máa ń hàn lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n á rò ó mọ́ owó oṣù lókè kí wọ́n tó ṣírò owó orí, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nísàlẹ̀, torí pé kò sí owó tó wọlé níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wa ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ tí kò sí nǹkan tó jọ ọ́ lórí ìwé yín, akáńtáǹtì ti fò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ a máa mú ìwé tí ilé-iṣẹ́ kọ dúkìá rẹ̀ sí, wọ́n á fi wé ìwé owó oṣù. Ọkọ̀ tó bá wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì di gbèsè pẹ̀lú owó ìtanràn.

Ti ilé yàtọ̀. Iye tí wọ́n lè yá ilé náà lọ́dún ni wọ́n máa ń kà, ṣùgbọ́n òfin tuntun fi òdiwọ̀n sí i: kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún, láìka ilé náà mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ilé mílíọ̀nù 2.5 ni wọ́n gbà fún Fọlákẹ́ dípò ọkọ̀, mílíọ̀nù 1.2 péré ni wọn yóò kà. Owó orí tó lé sí i jẹ́ 216,000.

Ká ní wọ́n kó mílíọ̀nù 2.5 yẹn fún un lówó pé kó lọ gbalé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò kà. Òfin á dín 500,000 kù fún un torí owó ilé tó san, síbẹ̀ 360,000 ni yóò fi lé sí owó orí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí wọ́n bá fún nílé yẹ ìwé àdéhùn rẹ̀ wò dáadáa. Bó bá jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ayálégbé, tí ilé-iṣẹ́ kàn ń bá a san owó ilé, agbowó-orí lè sọ pé owó ni wọ́n fún un, kì í ṣe ilé.