Ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì: ta ni ká bá wí?

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan wà ní ojúlé kejì sí tiwa ní Kétu. Ojoojúmọ́ ni tíṣà rẹ̀ ń fẹjọ́ sùn pé ó ń sùn ní kíláàsì. Tíṣà ní ọ̀lẹ ni. Màmá ní agídí ni. Wọ́n nà án títí, oorun ò lọ.

Mo bi màmá rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Ó ní lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ìgbà yẹn náà ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Lẹ́kkí yí àkókò padà, tó di pé aago mẹ́fà àárọ̀ ló gbọ́dọ̀ wọlé. Aago mẹ́rin ló ń jí ọmọ, á gbé e sọ́dọ̀ aládùúgbò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń dé. Lọ́jọ́ Sátidé tí kò sí iṣẹ́, ọmọ náà kì í tòògbé rárá. Ọ̀lẹ wo ló ń gba ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Urie Bronfenbrenner ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1979. Ó ní àwọn nǹkan tó ń tọ́ ọmọ yí i ká ní ìpele ìpele. Àkọ́kọ́ ni ibi tí ọmọ fúnra rẹ̀ wà: ilé, kíláàsì, àdúgbò. Ìkejì ni bí àwọn ibi wọ̀nyẹn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìkẹta ni ibi tí ọmọ kì í dé, àmọ́ tí ìpinnu ibẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òfin àti àṣà ló wà lóde pátápátá.

Ọmọ yìí ò mọ Lẹ́kkí, ṣùgbọ́n Lẹ́kkí ló ń jí i. Ìpele kejì ló sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀: owó ilé ìwé nìkan ló ń mú màmá àti tíṣà ríra, nítorí náà tíṣà ò mọ̀ nípa aago mẹ́rin. Òfin ńkọ́? Abala 54 òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Abala náà ò sọ nǹkan kan nípa ọmọ ọdún méje.

Àmọ́ ká má tìtorí ìpele gbàgbé ọmọ o. Bronfenbrenner fúnra rẹ̀ ṣàròyé nígbà tó yá pé àwọn olùwádìí ń wo àyíká ju ọmọ lọ. Ọmọ mìíràn lè jí laago mẹ́rin kó má tòògbé. Ó tún ní ohun tó ń mú ọmọ dàgbà jù ni àjọṣe òun àti ẹni tó ń tọ́ ọ, lójoojúmọ́, fún ìgbà pípẹ́.

Màmá ti kọ̀wé sí tíṣà báyìí. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò lọmọ ń sùn láti alẹ́ Sunday títí di Thursday, aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ń jí. Oorun ti lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá ní, "Àbúrò, ó ti ń pe ìyá yẹn ní mọ́mì."