Àdàkọ Ewì láti inú Àwòrán: Bí a ṣe lè pa Ìlà àti Àlàfo Abala mọ́

Olùkọ́ tó ya àwòrán ewì nínú ìwé, tó sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìbéèrè ìdánwò, ní láti mọ̀ pé ìlà ewì àti ìlà ojú ìwé kì í ṣe ohun kan náà. Akéwì ló gé ìlà ewì. Ṣùgbọ́n bí ìlà náà bá gùn ju fífẹ̀ ojú ìwé lọ, òǹtẹ̀wé á sọ ìyókù rẹ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí a bá ka ìyókù yìí sí ìlà tuntun, nọ́ńbà gbogbo ìlà tó tẹ̀lé e yóò yí padà, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ pè ní ìlà 7 yóò sì yàtọ̀ sí ti olùyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ewì kan tí a kọ fún àlàyé yìí. Abala mẹ́rin ló ní, ìlà mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì wà lójú ìwé méjì. Ìlà 18 ni a kà nínú àwòrán rẹ̀ dípò 16. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

```
Òjò tó rọ̀ láàárọ̀ kò jẹ́ kí àgbẹ̀
      ó tètè dé oko,
Ọkọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ebi ń kọrin.
```

Ohun mẹ́ta ló fi hàn pé "ó tètè dé oko" jẹ́ ìyókù ìlà kìn-ín-ní: ó wọlé sí apá ọ̀tún, lẹ́tà kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀, ìlà òkè rẹ̀ sì ti kan etí ojú ìwé. Ẹ̀rí kẹta ló lágbára jù. Bí ìlà òkè bá kúrú tí àyè ṣì wà níwájú rẹ̀, akéwì ló mọ̀ọ́mọ̀ ti ìlà ìsàlẹ̀ sọ́tùn-ún, bí a ti í ṣe fún ègbè nígbà mìíràn. Kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kejì ni àlàfo tó bọ́ sí ìparí ojú ìwé. Ìlà 8 ló parí ojú ìwé kìn-ín-ní ewì wa, nítorí náà ojú kò rí àlàfo kankan ṣáájú ìlà 9. Ìlà mẹ́rin-mẹ́rin tó wà nínú àwọn abala yòókù ló jẹ́ kí a mọ̀ pé abala tuntun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Níbi tí gígùn abala kò bá dọ́gba, ẹ̀rí yìí kò sí. Ẹ wá ẹ̀dà mìíràn tí a tẹ̀ lọ́tọ̀, bí kò bá sì sí, ẹ kọ ọ́ sínú àkámọ́ pé ojú ìwé parí síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ nínú Microsoft Word, ẹ tẹ Shift+Enter ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ Enter lẹ́ẹ̀mejì ní ìparí abala. Bí ẹ bá ń tẹ Enter lẹ́yìn gbogbo ìlà, Word sábà máa ń fi àyè kún un, ìlà kọ̀ọ̀kan á sì dà bí abala. Ẹ tún tẹ Ctrl+L kí ewì lè faramọ́ òsì, nítorí bí a bá ní kí ọ̀rọ̀ kan etí méjèèjì, ìlà tí a fi Shift+Enter gé lè nà gbọọrọ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ẹ ka ìlà abala kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Tiwa jẹ́ 4, 4, 4, 4. Bí àdàkọ bá mú 5, 4, 4, 4 jáde, abala kìn-ín-ní ni kí a padà sí; bí ó bá mú 4, 8, 4 jáde, ìparí ojú ìwé ni kí a yẹ̀ wò.