Gọ́tà Ọjà Dí: Ta Ló Yẹ Ká Lọ Bá?

Lọ́dún kan, àwa aládùúgbò kọ lẹ́tà nípa gọ́tà tó dí, tí omi rẹ̀ ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ìyá wa. Lẹ́tà náà pẹ́ títí ní ọ́fíìsì kan kí wọ́n tó sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n. Nítorí náà, ìbéèrè tòní ni pé: bí gọ́tà bá dí ní Kàbà, ṣé káńsù la máa lọ bá ni, àbí gómìnà ní Lọ́kọ́ja, àbí Àbújá?

Inú bí wọ́n ṣe pín orílẹ̀-èdè yìí ni ìdáhùn wà. Kàbà kò ṣí kúrò níbi tó wà, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣàkóso rẹ̀ ń yí padà. Kí ọdún 1967 tó dé, abẹ́ ìjọba Àríwá la wà, Kàdúná sì ni olú ìlú. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Gówọ́n pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, a sì bọ́ sínú èyí tó wá ń jẹ́ Kúwárà, tí Ìlọrin jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 1991, Bàbáńgídá yọ wá kúrò lára Kúwárà, ó yọ apá kan lára Bẹ́núé, ó sì fi méjèèjì dá Kogí sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé láti òkè ni pípín yìí ti wá. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ 13 ló ti wà kí wọ́n tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan, ìpínlẹ̀ ló sì ń fún ìlú ní àṣẹ láti ṣèjọba ara rẹ̀. Níbí, orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú ìwé òfin ọdún 1999 fúnra rẹ̀. Kogí ní 21, Kàbà/Bùnú sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Gómìnà kò lè dá nìkan pa á rẹ́. Ìpínlẹ̀ kò sì lè dá nìkan fi tuntun kún un: nígbà tí Èkó dá 37 sílẹ̀ kún 20 tó ní, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ní ọdún 2004 pé wọn kò tíì di odindi títí tí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀.

Ṣé káńsù wá dá dúró ni? Rárá o. Ìwé òfin kan náà sọ pé aráàlú ló gbọ́dọ̀ dìbò yan káńsù, ṣùgbọ́n ó fi sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ láti ṣòfin lórí bí káńsù yóò ṣe rí àti bí owó rẹ̀ yóò ṣe máa wọlé. Ó ka iṣẹ́ káńsù sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú, kíkó pàǹtírí, fífún òpópónà lórúkọ. Nígbà tó dé orí títì àti gọ́tà, ó ní bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀ ni. Ilẹ̀ ńkọ́? Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà, ó sì fi ti ìgbèríko sábẹ́ káńsù. Bí káńsù bá fẹ́ kọ́ ọjà tuntun sí ìgboro, ó di dandan kó wo ojú Lọ́kọ́ja.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ jù ni owó. Ìwé òfin ní kí owó káńsù tó bá ti Àbújá wá wọ inú àpò àjọni tí ìpínlẹ̀ ń ṣètò, kí wọ́n tó pín in. Bó bá sì jẹ́ pé gómìnà ló yan alága fìdíhẹ sípò, ta ni alága yẹn yóò bi pé èló ló kù? Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí wọ́n máa san owó náà tààrà fún káńsù, àti pé káńsù tí aráàlú kò dìbò yàn kò bá òfin mu. Àmọ́ ìdájọ́ yẹn kò gba ètò ìdìbò káńsù kúrò lọ́wọ́ àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀, gómìnà ló sì ń yan àwọn ọmọ àjọ náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí gọ́tà wa. Kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ kọ́kọ́ béèrè títì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, bíi ọ̀nà Ọ̀bájànà sí Kàbà, iléeṣẹ́ tó ń rí sí iṣẹ́ òde ní Àbújá ló ni ín. Bó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, Lọ́kọ́ja ni. Bó bá jẹ́ ọ̀nà àdúgbò tàbí inú ọjà, ẹ gba káńsù lọ, kí ẹ sì fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Bí wọ́n bá ní kò sí owó, ẹ béèrè èló ló wọlé lóṣù tó kọjá, àti ibi tí wọ́n ti gbà á: ṣé Àbújá ni tààrà, àbí àpò àjọni? Ìdáhùn yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí lẹ́tà kejì tọ́ sí.

Ó dìgbà kan ná o.