Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Nígbà Tí Ìrírí Kò Bá Ìpolówó Mu Tán

Apá méjì ni ìpolówó iṣẹ́ sábà máa ń ní: iṣẹ́ tí ẹni tí wọ́n bá gbà yóò máa ṣe, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó ti ní kó tó dé. Apá kejì ni ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ máa ń sáré kà. Wọ́n á rí ohun tí wọn kò ní, wọ́n á sì pa ìwé náà dé. Apá kìíní ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ti sọ ohun tó ń dà á láàmú. Nínú apá kejì pàápàá, “ó gbọ́dọ̀ ní” kì í ṣe ẹgbẹ́ “yóò dára bó bá ní”. Èyí àkọ́kọ́ ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ká ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì ń wá alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí HND, kó ti lo ọdún 3 nínú ilé ìkẹ́rùsí oúnjẹ, kó sì mọ bí a ṣe ń bójú tó ọjà tó ní ọjọ́ ìparí ìlò. Yóò dára bó bá ti lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ SAP. Obìnrin kan tó ní HND ti lo ọdún 4 nínú sítọ̀ọ̀ oògùn ilé ìwòsàn. Kò ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ oúnjẹ rí, kò sì mọ SAP.

Kó tó kọ ohunkóhun, ó yẹ kó fa ìlà sáàárín bébà kan. Ní ọwọ́ òsì, yóò kọ ohun tí ìpolówó béèrè, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ìpolówó fi béèrè rẹ̀. Ní ọwọ́ ọ̀tún, yóò kọ ohun kan tó ti ṣe rí tó bá a mu. “Òṣìṣẹ́ kára ni mí” kò wúlò níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tí kò lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n níwájú “ọjà tó ní ọjọ́ ìparí ìlò”, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní sítọ̀ọ̀ oògùn, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ló ń kọ́kọ́ jáde, ìbáà jẹ́ òun ló dé kẹ́yìn. Oògùn kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ lórí pẹpẹ, tí wọ́n ń kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sí. Bí oṣù bá parí, wọ́n á ka ohun tó wà nílẹ̀, wọ́n á sì fi wé káàdì. Bisikíìtì àti ìyẹ̀fun kò yàtọ̀ ní ti èyí. Àjọ NAFDAC kan náà ló ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn.

Bí ó bá wá kọ pé, “Mo tọ́jú sítọ̀ọ̀ oògùn fún ọdún 4,” òótọ́ ni, àmọ́ ó fi iṣẹ́ ìrònú sílẹ̀ fún ẹni tó ń kà á, ẹni tó ṣeé ṣe kó ní òkìtì lẹ́tà níwájú. Ó sàn kó kọ ọ́ báyìí: “Ọdún 4 ni mo fi bójú tó ọjà tó ní ọjọ́ ìparí ìlò ní sítọ̀ọ̀ ilé ìwòsàn. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ jù ni mo ń kọ́kọ́ gbé jáde, oṣooṣù ni mo sì ń kà wọ́n.” Ọ̀rọ̀ ìpolówó ló ṣáájú, ẹ̀rí ló tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ìpolówó láìsí ẹ̀rí kò ju àdàkọ lọ.

Àìtó ńkọ́? Ìrírí ilé iṣẹ́ oúnjẹ wà lára ohun tó pọn dandan, nítorí náà kò yẹ kó fi pa mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó mẹ́nu bà á, lẹ́yìn tó bá ti kó ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀: “Ilé ìwòsàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ilé iṣẹ́ oúnjẹ, ọ̀nà tí a ń gbà ka ọjà tí a sì ń tọ́jú rẹ̀ kò yàtọ̀.” Ẹni tó bá fi “bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní ìrírí” bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ti fi àléébù ṣe àkọlé. SAP ní tirẹ̀ kò pọn dandan. Bó bá ti ń fi Excel ṣe àkọsílẹ̀ sítọ̀ọ̀, kó sọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó dákẹ́. Kó má purọ́ ṣá o, torí ìbéèrè kan péré nípa bí a ṣe ń gba ọjà wọlé lórí SAP ti tó láti tú àṣírí rẹ̀ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ojú ìwé kan tó fún gbogbo èyí. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó fi ọwọ́ bo orúkọ ilé iṣẹ́ àti orúkọ ipò náà. Bí lẹ́tà bá ṣì ṣeé fi ránṣẹ́ sí báńkì tàbí ilé ìwé, a jẹ́ pé kò tíì kọ ọ́ fún ìpolówó yìí.

Àwọn àlàfo kan wà tí lẹ́tà kò lè dí. Níbi tí òfin bá ti béèrè ìwé àṣẹ, bí i ti apòògùn tàbí nọ́ọ̀sì, ẹni tí kò ní in kò lè fi àlàyé rọ́pò rẹ̀. Bí ọwọ́ ọ̀tún bébà bá sì ṣófo níwájú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn “gbọ́dọ̀”, kó wá ìpolówó mìíràn.