Kóńgò Kan Náà fún Gbogbo Wa: Bí A Ṣe Yẹ Fọ́ọ̀mù 186 Wò fún Ṣọ́ọ̀bù 20

Láti ìgbà tí a ti pín ṣọ́ọ̀bù tuntun ni àwọn kan ti ń bi wá pé báwo la ṣe yanjú fọ́ọ̀mù 186 láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù 20 péré sì wà nílẹ̀. A ní ká kọ ọ́ síbí, kí ẹni tó bá wọ ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ iwájú lè rí i lò, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ pín, ìbáà ṣe owó àyálò.

Ẹ ó rántí pípín ti ìṣáájú. Ṣe la jókòó yí òkìtì fọ́ọ̀mù ká, tí a ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń jiyàn. Àwọn tó wà lókè, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìdajì wákàtí lórí ẹyọ kan. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti rẹ̀ wá, ṣọ́ọ̀bù ti tán, fọ́ọ̀mù ṣì kù nílẹ̀ tí ẹnì kankan ò kà. Ìyá kan tó ti ń ta ata nínú oòrùn fún ọdún 9 wà lára àwọn tí a ò kà. Kì í ṣe pé a kórìíra rẹ̀ o. Ìsàlẹ̀ ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà.

Gbogbo wa la mọ kóńgò. Bí èèyàn bá fi èyí tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú wọn gàárì fún àlejò, tó sì fi èyí tó pé wọn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, a mọ orúkọ tí a ń pè é. Ohun tí àwa náà ṣe nìyẹn. A kọ́kọ́ rí orúkọ, lẹ́yìn náà la wá ń wá ìdí tí a ó fi mú un tàbí tí a ó fi kọ̀ ọ́. Torí náà, lọ́tẹ̀ yìí, a ṣe òṣùwọ̀n wa, a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí a tó ta fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Òṣùwọ̀n náà pín sí méjì. Àkọ́kọ́ ni ìlẹ̀kùn. Ohun mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: ṣé ọmọ ẹgbẹ́ tó ní káàdì ni? Ṣé kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù kankan nínú ọjà yìí? Ṣé fọ́ọ̀mù rẹ̀ wọlé kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ tó lù? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn, kò gba àròyé. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wà lórí tábìlì, èèyàn méjì méjì pín fọ́ọ̀mù náà sí 93 àti 93. Fọ́ọ̀mù kan kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ní wákàtí kan àbọ̀, a ti parí. Òkìtì mẹ́ta la kó wọn sí: 74 wọlé, 97 kò wọlé, 15 jẹ́ iyèméjì, bí ẹni tí nọ́ńbà káàdì rẹ̀ kò hàn. A fún àwọn 15 yìí ní ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn 9 mú ẹ̀rí wá, 6 kò wá. Ó di 83. Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan tó kù síta, a kọ èyí tó sé e mọ́ta nínú ohun mẹ́ta náà, torí ẹni tó bá bi wá gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni máàkì, mẹ́wàá lápapọ̀. Iye ọdún téèyàn ti ń tajà níbí gba 4: ọdún 1 sí 3 jẹ́ máàkì 1, ọdún 4 sí 6 jẹ́ 2, 7 sí 9 jẹ́ 3, 10 sókè jẹ́ 4. Olórí ìlà kọ̀ọ̀kan ló buwọ́ lu iye ọdún, torí tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ kì í pẹ́ kó tó sọnù. Owó ẹgbẹ́ gba 3: ẹni tó san oṣù 12 pé gba 3, oṣù 9 sí 11 gba 2, oṣù 6 sí 8 gba 1. Ibi téèyàn ń jókòó báyìí gba 3: inú oòrùn tàbí ẹ̀bá títì jẹ́ 3, tábìlì tó ń háyà lójoojúmọ́ jẹ́ 2, ẹni tó bá ẹlòmíràn pín ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 1.

Kí a tó fún wọn ní máàkì, akọ̀wé kọ iye oṣù tí oníkálùkù san sára fọ́ọ̀mù, ó gé ibi tí orúkọ wà kúrò, ó kọ nọ́ńbà kan náà sára méjèèjì, ó sì ti orúkọ mọ́ inú àpò ìwé. Èyí kò bo gbogbo nǹkan o, torí a lè dá ọwọ́ ìkọ̀wé èèyàn mọ̀. Ẹni tó bá rí i pé ti ẹ̀gbọ́n òun ni, kó gbé e fún ẹlòmíràn.

A kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù 5 dán ara wa wò, oníkálùkù lọ́tọ̀. Ibẹ̀ la ti rí i pé ẹnì kan fún ẹni tó háyà tábìlì síwájú ṣọ́ọ̀bù ní 2, ẹlòmíràn sì fún un ní 1. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé tábìlì ni, 2 ni, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn èyí, a mú ọ̀rọ̀ ọdún nìkan, a fi ka gbogbo 83, ká tó mú owó ẹgbẹ́. Ìdí ni pé bí ẹ bá ka fọ́ọ̀mù kan tán lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ti gba 4 níbẹ̀rẹ̀ á ti wọ̀ yín lójú, ẹ ó fún un ní 3 níbi tí 2 tọ́ sí i. Èèyàn méjì ló ka ọ̀kọ̀ọ̀kan láìrí máàkì ara wọn. Bí wọ́n bá yàtọ̀, wọ́n á jọ wo òṣùwọ̀n ara ògiri. Bí wọn ò bá rẹ́, ẹnì kẹta á dá sí i. Nígbà tí a parí, a tún ka 10 àkọ́kọ́ láìwo máàkì àná, ká lè mọ̀ bóyá ọwọ́ wa ti le tàbí ó ti rọ̀ bó ṣe ń rẹ̀ wá. Ẹyọ kan péré ló yí padà, a sì tún un ṣe.

Ẹ wo fọ́ọ̀mù méjì. Nọ́ńbà 118, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà ẹni ńlá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 5, máàkì 2. Ó san owó pé, 3. Ó ń bá ẹlòmíràn pín ṣọ́ọ̀bù, 1. Ó di 6. Lẹ́tà kò sí lára òṣùwọ̀n, kò gba nǹkan kan. Nọ́ńbà 41, ọmọ iléèwé ló bá a kọ ọ́. Ọdún 14, máàkì 4. Ó san oṣù 10, 2. Inú oòrùn ló wà, 3. Ó di 9. Nígbà tí a ṣí àpò ìwé, ìyá aláta yẹn ni.

Àwọn 17 ló gba 8 sókè. Ṣọ́ọ̀bù 3 ló kù, àwọn 9 sì wà lórí 7. A ṣẹ́ kèké níwájú gbogbo wọn.

Ibi kan ṣì ń dùn wá. Nígbà tí a ti dé ìdajì, ẹnì kan rí i pé arábìnrin kan wà ní ìkúnlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kò lè san owó ẹgbẹ́. 7 ló gba. Bí a bá yọ oṣù wọ̀nyẹn, 8 ni. Ẹjọ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n a ò tíì béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù ẹni tó bímọ tàbí tó ṣàìsàn. Bí a bá yí òṣùwọ̀n padà fún ẹni tí a gbọ́ tirẹ̀ nìkan, ìdí kóńgò la tún ń tẹ̀ yẹn. Yálà ká pè gbogbo 83 padà ká tún bẹ̀rẹ̀, tàbí ká fi sílẹ̀. A fi sílẹ̀. Kèké rẹ̀ kò jáde. A ti kọ ọ́ sínú òṣùwọ̀n ti ọjọ́ iwájú pé oṣù ìkúnlẹ̀ àti àìsàn kò ní kà mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹni tó bá rí ihò mìíràn nínú rẹ̀, kó wá sọ ọ́ nípàdé nísinsìnyí, kí fọ́ọ̀mù tuntun tó jáde.

Àwa ni, akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.