Gbèsè Ọjà: Ìwé Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwé Àwìn

Kò wọ́pọ̀ kí olùtajà aṣọ máà ní ìwé àwìn. Inú rẹ̀ ni ó ń kọ orúkọ àwọn tí ó ti gba aṣọ lọ tí wọn kò tí ì san owó tán sí, kì í sì í gbàgbé láti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí oṣù bá parí. Ṣùgbọ́n gbèsè mìíràn wà tí púpọ̀ nínú wọn kì í kọ sínú ìwé kankan, èyíinì ni gbèsè tí àwọn fúnra wọn jẹ oníbàárà. Bí ènìyàn bá wá ra aṣọ, tí aṣọ náà ti tán, tí olùtajà sì wí fún un pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màá bá yín wá a," láti ìṣẹ́jú náà ni olùtajà ti jẹ gbèsè ọjà. Bí ó bá jẹ́ pé orí nìkan ni ó ń tọ́jú irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sí, ilé tí a fi itọ́ mọ ni. Ìrì ni yóò wó o.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ta àǹkárá ní Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Mínná àti àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ju àwọn mìíràn lọ. Ọ̀nà jìn sí wọn kí ọjà tó dé. Ẹni tí kò bá ra ọjà ní Kantin Kwari ní Kánò yóò ránṣẹ́ sí Balógun ní Èkó, ọkọ̀ ni yóò sì gbé e wá. Láàárín ọjọ́ tí oníbàárà béèrè àti ọjọ́ tí ọjà dé, ohun púpọ̀ lè ṣẹlẹ̀: aṣọ lè má pé, owó rẹ̀ lè yí padà, ọmọ ọjà sì lè ta èyí tí a ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn. Bí ó bá wá jẹ́ aṣọ ẹbí ni, ọjọ́ ìnáwó kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní kíkọ ni aṣọ náà gan-an. "Àǹkárá búlúù olódòdó" kò tó, nítorí irú rẹ̀ lè tó ogún nínú ọjà. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ àǹkárá, a máa ń tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà àwòrán sí etí aṣọ. Nọ́ńbà yẹn ni kí olùtajà kọ. Kí ó sì gé aṣọ náà bí ìwọ̀n ìka méjì, kí ó fi pín-ìn-nì há a mọ́ ojú ewé náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ ọjọ́ tí oníbàárà béèrè, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, iye tí ó fẹ́, iye tí ó ti gbà, iye tí ó kù, owó tí wọ́n ṣe àdéhùn lé lórí, àti iye tí ó san sílẹ̀. Kí ó fi àyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, níbi tí yóò máa kọ ohun tí ó bá sọ fún oníbàárà náà sí àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́.

Ìbéèrè méjì wà tí púpọ̀ nínú àwọn olùtajà kì í béèrè, tí ó sì máa ń fa ìjà. Èkíní ni pé, ọjọ́ wo ni aṣọ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ aránṣọ? Ọjọ́ ìnáwó kọ́ ni ọjọ́ tí ó yẹ ní kíkọ, nítorí pé aṣọ tí ó bá dé ní ọ̀la ìnáwó kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èkejì ni pé, ṣé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti inú aró kan náà? Aṣọ tí a tẹ̀ ní ìgbà kan àti èyí tí a tẹ̀ ní ìgbà mìíràn lè ní nọ́ńbà kan náà kí àwọ̀ wọn máà rí bákan náà. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú lè má tètè rí i. Ṣùgbọ́n bí ogún obìnrin bá jókòó pọ̀ lábẹ́ àtíbàbà ní ọ̀sán, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé aṣọ àwọn kan ṣú ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi ṣọ́ọ̀bù kan ní Kàdúná ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù, ìdì àǹkárá kan báyìí tí ó kù lórí pẹpẹ jẹ́ 4, yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà ni ìdì kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan wọlé, ó fẹ́ ìdì 10 fún aṣọ ẹbí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 29, ni ìnáwó rẹ̀. Aránṣọ yóò sì gba ọjọ́ 12. Nítorí náà ọjọ́ 17 ni ọjọ́ ìkẹyìn tí aṣọ lè dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní aró kan náà ni òun fẹ́. Olùtajà kò gbọdọ̀ fún un ní 4 kí ó kọ 6 sílẹ̀. 10 ni yóò kọ, yóò sì fi 4 tí ó wà nílẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹnìkejì ra 3, ó san owó, ó sì lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹnìkẹta dé. Aránṣọ ni, aṣọ ọmọdé ni ó ń rán tà, ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú àwọ̀ kò sì dà á láàmú. Ìdì 5 ni ó fẹ́. Ó gba 1 tí ó kù, olùtajà sì kọ 4 sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, pẹpẹ ti ṣófo, ṣùgbọ́n òfo nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà jẹ gbèsè ìdì 14. Bí olùtajà bá fẹ́ kí 6 wà lórí pẹpẹ fún títà, 20 ni yóò béèrè ní Kánò. Ẹni tí kò kọ gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ yóò béèrè 10, yóò sì rò pé òun ní ọjà.

Ọ̀nà tí a ń gbà sọ fún oníbàárà ni ó kàn. Kí olùtajà má ṣe dá ọjọ́ kankan kí ó tó bá ẹni tí ó ń kó ọjà fún un sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́ta ni yóò béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún: ṣé aṣọ náà wà nílẹ̀, ìdì mélòó ni, ọjọ́ wo ni yóò sì wọ ọkọ̀? Bí ó bá gbọ́ pé àwòrán náà kò sí mọ́, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì dá owó rẹ̀ padà. Bí onítọ̀hún bá ní Àbámẹ́ta ọjọ́ 8 ni ọjà yóò dé, kí olùtajà sọ ọjọ́ 12 fún oníbàárà, nítorí ọkọ̀ lè pẹ́ lọ́nà. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ lè rí báyìí:

"Ẹ káàsán, Màmá. Ìdì 10 tí ẹ béèrè kò sí nílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní Kánò. Ọjọ́ 12 ni mò ń retí rẹ̀. Bí ó dé, bí kò dé, màá pè yín ní ọjọ́ 10. Bí ẹ bá fẹ́ gba òmíràn tàbí kí ẹ gba owó yín padà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi."

Ìlérí pé òun yóò pè ní ọjọ́ 10 ni ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Oníbàárà lè fara da ọjà tí ó pẹ́, ohun tí kì í fara dà ni kí ó máa pe olùtajà nígbà gbogbo kí ó máa gbọ́ "ó kù díẹ̀." Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bí ọjọ́ bá fẹ́ yẹ̀, kí á sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé, nígbà tí oníbàárà ṣì lè wá ibòmíràn lọ.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ 10 pé, Kánò sì ní 12 ni àwọn rí nínú 20 náà, pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ aró kan náà, àti pé 8 yòókù di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Olùtajà pe àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìdì 12 náà dé ní ọjọ́ 12, kò kó wọn sórí pẹpẹ. Ìwé ni ó kọ́kọ́ ṣí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé odò ni yóò mu omi tí ó tòrò: ó ka 10 fún ìyá aláṣọ ẹbí, ó ka 2 fún aránṣọ, ó di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó kọ orúkọ mọ́ ọn, ó sì gbé e sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Gbèsè tí ó kù jẹ́ 2. Bí 8 yòókù bá dé, 2 ni ti aránṣọ, 6 ni ti pẹpẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ń ṣìṣe: ọmọ ọjà á rí ìdì 12, á ta 5 fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nígbà tí ìyá tí ó ti ń dúró bá sì dé, 7 ni yóò bá.

Owó tí oníbàárà san sílẹ̀ kì í ṣe èrè títí aṣọ yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀. Kí ó wà lọ́tọ̀, kí wọ́n sì ti sọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní bóyá owó àdéhùn yóò dúró bí owó ọjà bá lọ sókè. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje nínú òwò àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ohun tí ó ti béèrè sílẹ̀. Olùtajà lè yọ iye kan tí ó bá ọgbọ́n mu fún ìnáwó rẹ̀. Kò lè gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo owó náà lásán.

Ìwé yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí aṣọ kan bá wọ́n, ẹnì kan lè béèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i, kí ó sì máà sọ fún àwọn méjì yòókù. Nítorí náà, kí olùtajà tún pe àwọn tí kò san owó kankan sílẹ̀ kí òun tó fi owó ránṣẹ́ sí Kánò.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí olùtajà ro gbogbo iye tí ó kù nínú ìwé náà pọ̀, kí ó fi wé ọjà tí ó ti béèrè tí kò tí ì dé. Bí gbèsè bá ju ọjà tí ń bọ̀ lọ, ó ti ṣèlérí ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá a wá. Kí ó ro owó tí àwọn oníbàárà san sílẹ̀ náà, kí ó fi wé èyí tí ó wà nínú àpótí. Bí ó bá sì rí orúkọ kan tí ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá lórí rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ kankan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹni náà ni kí ó pè kí ó tó ti ṣọ́ọ̀bù.