“Mo Ti Sanwó” Nìkan Kò Tó

“Ẹ kú iṣẹ́ mà, mo ti sanwó o.” Iṣẹ́ tí oníṣòwò aṣọ kan ní Ìbàdàn lè fi ránṣẹ́ sí ìyá tó ń kó ọjà fún un ní Balógun nìyẹn. Ta ló sanwó? Èló?

Èyí sàn jù:

“Ẹ kú ọjà mà. Mo san ₦180,000 fún ìdì ankará 12 láàárọ̀ yìí. Orúkọ ọkọ mi lẹ máa rí. Rìsíìtì rèé. Mo ń retí ẹrù ní ọjọ́ Ẹtì, bí a ṣe ṣàdéhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì tówó bá wọlé.”

Orúkọ ọkọ yẹn ṣe kókó: bí orúkọ kò bá bára mu, ọjà lè dúró.

Kí ó má sì gé nọ́ńbà gígùn tó wà lórí rìsíìtì kúrò nínú fọ́tò. Òun ni báńkì fi ń tọpa owó tí kò tètè wọlé.